Ẹ wo ẹni tó kú kí ẹ tó fi ímeèlì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa l'Ábùjá, àbúrò ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa kú, ọ̀dọ́ ni. Ẹnìkan kọ ímeèlì sí wọn, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ "Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn wọn á dára." Ikú arúgbó tó bímọ sílẹ̀ la máa ń sọ ìyẹn sí. Létí ẹni tó ṣòfò ọ̀dọ́, ọgbẹ́ ni. Mo rọra sọ fún un pé ìfẹ́ wà nínú ìwé náà, gbólóhùn kan la máa pààrọ̀. Ó di: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." A tún yọ "Kí ló ṣe wọ́n?" kúrò pátápátá.