GAD-7 lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: ìbéèrè tí ẹ ò yé bi mí, àti ìdáhùn wọn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 26 nínú GAD-7. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn síwèé?

Má tíì kọ ọ́. Ìbéèrè méje lórí àníyàn ni GAD-7, 3 ló ga jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ò lè kọjá 21 láé. Ẹni tó bá ọ tẹ détà ti tẹ 1 sí 4 dípò 0 sí 3. Bí ẹni méjì bá pín iṣẹ́ náà ṣe, wo ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ibi tí o ò ti rí òdo kankan ni àṣìṣe wà. Yọ 1 kúrò nínú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, 26 rẹ á di 19. Àmọ́ 19 náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Bí o bá mọ ẹni tó ni ìwé náà, fọ̀nà ibi tó ti lè rí ìrànwọ́ hàn án kó tó di pé o padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan mú "ó ju ìdajì ọjọ́ lọ", ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní ọjọ́ Tọ́sìdeè nìkan ló ṣe àwọn bẹ́ẹ̀.

Wọn ò purọ́. Láti àárọ̀ Tọ́sìdeè títí di ìrọ̀lẹ́, ó ju ìdajì ọjọ́ lọ lóòótọ́. Ìwọ lo ní iye ọjọ́ lọ́kàn, wákàtí ni wọ́n gbọ́. Kọ ọ́ báyìí: "ó ju ọjọ́ méje lọ nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kọjá". Détà tí o ti gbà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ ò ṣeé tún ṣe. Má bínú.

Álífà mi jẹ́ 0.91, sà. Mo ti fìdí òṣùwọ̀n yìí múlẹ̀ nìyẹn, àbí?

Rárá o. Álífà kò sọ fún ọ pé ohun kan ṣoṣo ni ìbéèrè rẹ ń wọ̀n, kò sì sọ pé àníyàn ni ohun náà. Ohun tó ń sọ ni pé ìdáhùn àwọn èèyàn rẹ ń rìn pọ̀. Bí o bá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀, ìdáhùn mi á rìn pọ̀, álífà á sì gòkè, bẹ́ẹ̀ o ò tíì mọ nǹkan tuntun kan nípa mi. Kọ́kọ́ rí i pé fákítọ̀ kan, ìyẹn ohun kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn gbogbo ìdáhùn, ló wà níbẹ̀, kí o wá ṣírò ómégà, tó ń sọ bí òṣùwọ̀n ṣe ṣeé gbára lé tó, láti inú fákítọ̀ ọ̀hún. Ìsàlẹ̀ ibí ni màá ti sọ bí álífà tó ga ṣe tàn mí jẹ.

Mo ṣe EFA, mo fi détà yẹn náà ṣe CFA, gbogbo ẹ̀ bára mu wẹ́kú!

Kí ló fẹ́ ṣe é tí ò fi ní bára mu? EFA ló ń wá fákítọ̀ jáde, CFA ló ń dán an wò, détà kan náà lo sì fi ṣe méjèèjì. Pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ sí méjì, tàbí kí o lọ sórí CFA tààrà. Láti 2006 tí wọ́n ti gbé GAD-7 jáde la ti mọ̀ pé fákítọ̀ kan la fẹ́ dán wò.

Ẹ̀gbọ́n, RMSEA mi wà lórí 0.12, kò wálẹ̀. CFI jẹ́ 0.98. Mo ti yọ ìbéèrè méjì sọnù, pàbó ló já sí.

RMSEA àti CFI ń sọ bí fákítọ̀ rẹ ṣe bá détà mu tó: a fẹ́ kí RMSEA kéré, kí CFI sì sún mọ́ 1. Dá àwọn tí o yọ padà. Òṣùwọ̀n tí o yọ ìbéèrè méjì nínú rẹ̀ kì í ṣe GAD-7 mọ́, ojú ààlà ẹnikẹ́ni, ìyẹn máàkì tí a ti ń fura pé àìsàn wà, ò sì ṣeé lò fún un.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi gbogbo èèyàn ni irú ìṣirò tí wọ́n lò. Ìdáhùn mẹ́rin péré ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń rọ́ jọ sórí 0 àti 1. Kì í ṣe nọ́ńbà tí a fi rúlà wọ̀n, àtẹ̀gùn ni. Nítorí náà, sọ fún lavaan, ètò tí a fi ń ṣe CFA nínú R, pé àtẹ̀gùn ni:

```r
library(lavaan)
m <- 'A =~ g1 + g2 + g3 + g4 + g5 + g6 + g7'
f <- cfa(m, data = d, ordered = TRUE,
         estimator = "WLSMV", std.lv = TRUE)
fitMeasures(f, c("cfi.scaled", "rmsea.scaled", "srmr"))
residuals(f, type = "cor")
modindices(f, sort = TRUE, maximum.number = 5)
```

Bí o bá ti ṣe èyí tí RMSEA ṣì ga, mọ̀ pé ó máa ń le mọ́ òṣùwọ̀n kúkúrú. Ìbéèrè méje máa ń bí ìbátan méjì-méjì 21. Fákítọ̀ kan ń ná méje nínú rẹ̀, ó ku 14. Iye tó ṣẹ́ kù yìí kéré, àṣìṣe kékeré níbì kan sì tó láti gbé RMSEA sókè. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi òun nìkan ṣèdájọ́. Ìyókù ni mò ń wò, ìyẹn ìbátan tí fákítọ̀ ò lè ṣàlàyé láàárín ìbéèrè méjì. Bí gbogbo wọn bá kéré, tí ọ̀kan sì ga gan-an láàárín wọn, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Tèmi rèé. Mo túmọ̀ GAD-7 sí Yorùbá, mo pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 412 ní yunifásítì kan nílé wa níbí. Álífà jáde ní 0.90, inú mi dùn, mo ra mínírà. Nígbà tó di CFA, RMSEA fìdí kalẹ̀ sórí 0.13. Mo yọ àwọn tó fi àmì sójú kan láti òkè délẹ̀, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó tún dúró. Mo gbìyànjú fákítọ̀ méjì, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ `modindices`, tó ń sọ ìbéèrè tí ó yẹ ká so pọ̀, `g4 ~~ g5`, ìyẹn ìbéèrè 4 àti 5, ló ń gbapò kìíní, tó fi àwọn yòókù sílẹ̀ jìnnà. Mo so wọ́n pọ̀, RMSEA wálẹ̀ wọ̀ọ̀, mo kọ́ ẹrù mi, mo lọ síwájú àwọn tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò.

Màmá àgbà kan nínú wọn fi bírò tọ́ka sí ìlà yẹn: "Kí ni èyí túmọ̀ sí?" Mo ní kọ̀ǹpútà ló ní kí n fi í sí i, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá mi padà.

Òótọ́ ni pé nínú ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ìbéèrè 4, 5 àti 6 máa ń fà mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ara àti ìṣesí ni wọ́n ń bi ju ìrònú lọ. Ṣùgbọ́n tèmi ti pọ̀ jù. Mo wá mú ìwé náà, mo jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n ka ìbéèrè sókè, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó ń bi wọ́n. Ìbéèrè 4 tí mo kọ ni: "Ó ṣòro fún mi láti sinmi." Ìbéèrè 5: "Mi ò ní ìsinmi débi pé ó ṣòro láti jókòó jẹ́ẹ́." Ọmọkùnrin kẹta ka ìkẹrin, ó wò mí bíi pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́sítì mẹ́ta ni mo ní lọ́sẹ̀ yìí. Ibo ni mo ti fẹ́ ráyè sinmi?" Ó dé ìkarùn-ún: "Ẹ ti bi mí èyí nísinsìnyí."

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìsinmi, ni mo fi túmọ̀ ohun méjì. Èyí tó burú jù ni pé fún akẹ́kọ̀ọ́, ìsinmi ni ìgbà tí kò sí kíláàsì, nítorí náà iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wọn ni wọ́n ń sọ fún mi, kì í ṣe àníyàn. Ìtumọ̀ àtúnyípo tí mo ṣe kò rí i, torí pé ẹni tó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ padà wá láìyẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gún lórí ìwé, etí akẹ́kọ̀ọ́ ló ti wọ́.

Mo tún ìkẹrin kọ: "Ó ṣòro fún mi láti dẹra, kódà nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀." Ìkarùn-ún di: "Mi ò lè jókòó sójú kan, ṣe ló ń ṣe mí bíi kí n ṣáà máa dìde." Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, kì í ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀. RMSEA bọ́ sí 0.07 láìso ohunkóhun pọ̀. Álífà sì já sí 0.86, èyí tó ba ọ̀rẹ́ mi kan nínú jẹ́. Èmi ò banú jẹ́. Ohun tó lọ yẹn, àsọtúnsọ ni.

Nítorí náà, kí o tó so ìbéèrè méjì pọ̀, lọ bi ẹni tó dáhùn wọn. Bí o ò bá rí ìdí tó ṣeé fi ẹnu sọ, má so ó.

Mo fi 10 ṣe ojú ààlà, mo sì kọ pé ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ní àìsàn àníyàn. Súpáfáísọ̀ mi ò gbà.

Ó tọ̀nà, kó má gbà. Lọ́dún 2006, Spitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí wọ́n bá dúró sórí 10, GAD-7 mú 89 nínú 100 àwọn tó ní àìsàn náà, ó sì dá 82 nínú 100 àwọn tí kò ní i sílẹ̀. Àwọn tó wá rí dókítà ní Amẹ́ríkà nìyẹn, àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kọ́.

Ká tiẹ̀ sọ pé iye yẹn bá wa mu. Mú akẹ́kọ̀ọ́ 1000, kí 100 nínú wọn ní àìsàn náà ní tòótọ́. Òṣùwọ̀n á mú 89. Nínú 900 tó kù, á ṣi 162 mú. Àwọn tó dé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á jẹ́ 251, àìsàn sì wà lára 89 péré, ìyẹn bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Kọ pé "wọ́n kọjá ojú ààlà, ó yẹ ká yẹ̀ wọ́n wò sí i". Má pè wọ́n ní aláìsàn.

Ṣé mi ò wá lè wá ojú ààlà tiwa jáde nínú détà tí mo ní yìí?

Bí ìwé ìbéèrè nìkan lo ní, o ò lè ṣe é. Fífi àárín gbùngbùn gé e kì í ṣe ojú ààlà. Fífi ìwé ìbéèrè àníyàn mìíràn ṣe adájọ́ náà kò dára, torí òun pàápàá ń ṣi èèyàn mú.

Ibí ni mo ti ń sọ pé kí o wá onímọ̀, mi ò sì fi ń ṣeré. O nílò ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìlera ọpọlọ, tó mọ bí a ṣe ń lo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bíi MINI, tí kò tíì rí máàkì GAD-7 ẹnikẹ́ni. Kó bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni GAD-7 ń bi, ọ̀sẹ̀ ìdánwò kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kó má bá àwọn tí máàkì wọn ga nìkan sọ̀rọ̀. Mú nínú àwọn tó kéré náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò ní mọ iye tí òṣùwọ̀n fò dá. Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi MINI ṣe irú rẹ̀ fún PHQ-9, ìwé ìbéèrè lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, láàárín akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà 512, lọ́dún 2006. Nítorí náà má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe níbí.

Ṣírò iye èèyàn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá bá ní i, akẹ́kọ̀ọ́ 300 á fún ọ ní 30 aláìsàn péré. Bí òṣùwọ̀n bá mú 27 nínú wọn, wàá kọ 90 nínú 100, ṣùgbọ́n òtítọ́ lè wà níbikíbi láàárín 74 sí 97. Pẹ̀lú irú àyè bẹ́ẹ̀, o ò lè mọ̀ bóyá 8 ló dára ju 10 lọ. Bí owó onímọ̀ ò bá sí, fi CFA àti ómégà parí iṣẹ́ rẹ, kí o sì kọ ọ́ kedere síbẹ̀ pé o ò wá ojú ààlà kankan.