Bí mo ṣe wá èébú tuntun fún Bọ̀dá télọ̀ nídìí ọpọ́n ayò

Ní àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá télọ̀ la ti ń ta ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ayò ta tí kò mọ èébú, ìdajì ayò ló mọ̀. Ọ̀ta á máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè náà á máa fèsì, àwọn òǹwòran á sì máa gbè sí i. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé èébú wa ti ṣá. “Olórí kunkun”, “ojú ẹ bí ojú òwìwí”, gbogbo wa ti gbọ́ wọn láti kékeré. Tí ẹnìkan bá sọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Mo bá pinnu láti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko fi wá tuntun, kí n gbé e dé ọpọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Bọ̀dá télọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo yàn, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ tó o ní òpópónà wa.

Kí n tó ro ohunkóhun, mo kọ́kọ́ bi ara mi ìdí tó fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Ó nídìí tí mo fi ń bèèrè. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ẹsẹ̀ wíwọ́ bú ẹnìkan tó wá jókòó tì wá. Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wolẹ̀, kò fèsì, ó tún fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó lè bo ọrùn ẹsẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n sọ fún mi pé ọ̀kadà ló gbá a. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Láti ọjọ́ náà, ìṣe ni mo ń bú, mi ò kì í bú ara. Ohun tí èèyàn lè fi sílẹ̀ lọ́la tó bá wù ú nìkan ni mo ń fọwọ́ kàn. Mi ò sì jẹ́ mẹ́nu ba bàbá tàbí ìyá ẹnikẹ́ni. Ti Bọ̀dá télọ̀ yé mi kedere: kò sí àrùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kàn ń kí gbogbo èèyàn lọ́nà ni, látorí ìyá alákàrà dórí ọmọ tó ń jó pẹ́pẹ́ ní ìta, kò sì gbà pé ohunkóhun láyé yìí tó kánjú fún.

Mo kọ èyí àkọ́kọ́ sínú ìwé lálẹ́ Ọjọ́ Ajé: “Ẹ ń rìn bí ìjàpá.” Mo kà á sókè, kò dùn rárá. Yàtọ̀ sí pé ó ti gbó, ìjàpá tiwa kì í ṣe ẹranko tó lọ́ra lásán. Nínú àlọ́, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Tìrókò ọkọ Yánníbo. Bí o bá pe èèyàn ní ìjàpá lásán, ọgbọ́n àrékérekè ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo fi àárẹ̀ kún un: “bí ìjàpá tó ti rẹ̀”. Ìyẹn pa àrékérekè rẹ̀, torí ẹni tó ti rẹ̀ kò ráyè dọ́gbọ́n. Síbẹ̀ ojú mi kò rí nǹkankan. Kí ló rẹ̀ ẹ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà gan-an. Èébú tó ní àwòrán gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹranko náà kó tó dé iwájú wa, ohun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a mọ̀ ní ìlú wa tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Mo gbé iyán lé e lórí, torí Èkìtì la wà. Mo wá ní kó gun Òkè Olósùnta, tí gbogbo wa ń gbójú sókè wò.

Èyí tí mo kọ ní Ọjọ́bọ̀ gùn jù. Yánníbo wà nínú rẹ̀, orúkọ ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀, òjò pàápàá rọ̀. Mo dìde dúró, mo sọ ọ́ bí ẹni tó wà nídìí ọpọ́n, èémí tán mi lẹ́nu kí n tó dé ibi ẹ̀rín. Mo gé Yánníbo, mo gé òjò. Mo tún rí i pé “ọbẹ̀” ti jáde ní àárín, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì ń bu omi sí i. Mo fà á lọ sí ìparí pátápátá. Mo wá sọ “ilé” di “ulé”, bí a ṣe ń pè é nílé wa, kó má baà dún bí ọ̀rọ̀ ìwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Bọ̀dá télọ̀ ju mí lọ dáadáa, mi ò sì lè pè é ní “ìwọ” nítorí ayò. Mo fi “ẹ” sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí i pé ó tún dùn sí i: kí èèyàn dọ̀bálẹ̀ tán kó tó buni.

Sátidé dé. Mo dúró títí ó fi fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tó ń bọ̀ wá síbi ọpọ́n, nítorí èébú ìrìn kò wúlò fún ẹni tó ti jókòó. Ó kí ìyá alákàrà. Ó tún padà lọ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: “Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ń rìn bí ìjàpá tó ru iyán gun Òkè Olósùnta, tó gùn ún dókè tán kó tó rántí pé, ní ulé lòun gbàgbé ọbẹ̀.”

Ariwo ta. Ẹnìkan da omi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Bọ̀dá fọwọ́ lé ìbàdí, ó dúró sójú kan náà, ó ń rẹ́rìn-ín dé èjìká.

A jókòó. Ó bu ọmọ ayò méje, ó gbé e dání, ó ń ṣírò, ó ń wo òkè. Èyí tí mo pèsè fún ibẹ̀ kò ní “bí” rárá. Mo kàn rọra na ọrùn wo ọwọ́ rẹ̀, mo ní: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ta á. Ó ti ń ta gbòǹgbò lọ́wọ́ yín.” Nígbà tí mo fi hàn bí ohun tí mo ń rí lójú, àwọn tó wà lẹ́yìn náà tẹ̀ síwájú láti wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó tú ọmọ ayò náà sí ihò lọ́kọ̀ọ̀kan láì kánjú, ó jẹ mẹ́rin mi, ó wá gbójú sókè.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó ní, “ẹnu ẹ ti di ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ní òwú. Ó ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ látàárọ̀, tí a bá gbé aṣọ sókè báyìí, kò rán nǹkankan.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, lójú ewé kan náà pẹ̀lú ti ìjàpá.