Bí mo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni jíjá tí kọ́ìnì kan já nísàlẹ̀ réńjì

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe tréèdì kan lórí kọ́ìnì kékeré kan, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tà níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa wojú ṣáàtì dáadáa.

Kọ́ìnì yẹn ti ń lọ ó ń bọ̀ láàárín dọ́là 2.00 sí 2.40, réńjì ẹ̀ nìyẹn, ó ti kan 2.00 lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń ta padà sókè. Èyí ló jẹ́ kí n máa ṣọ́ abẹ́ 2.00 yẹn. Gbogbo ẹni tó rà níbẹ̀ ló máa gbé sítọ́pù ẹ̀, ìyẹn ọ́dà tó máa bá a tà tí owó bá já débẹ̀, sí 1.98 tàbí 1.97, àwọn tó sì fẹ́ ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn àwọn tó ń tà kí wọ́n lè jèrè tí owó bá já, náà ti to ọ́dà tiwọn síbẹ̀, pé tó bá ti já kó bá wọn tà. Títà ni gbogbo ẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì kó o jọ sí. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà rẹpẹtẹ tí ò fẹ́ fúnra ẹ̀ ti owó ẹ̀ sókè, ibẹ̀ ló ti máa rí ẹni tó máa tà fún un. Bóyá ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ tì í débẹ̀ ni o, bóyá ó ṣèèṣì dé ibẹ̀ ni o, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tà tán ni mo ń wò.

Ó já lóòótọ́. Kándùlù wákàtí mẹ́rin kan gbé e lọ sí 1.94, fọ́lúùmù sì ga ju ti gbogbo kándùlù tó wà nítòsí lọ. Mi ò tíì rà. Ìrù gígùn lábẹ́ kándùlù kì í ṣe ẹ̀rí, ó lè wà níbẹ̀ kí kándùlù tó tẹ̀lé e tún gbá a wálẹ̀. Mo dúró kí kándùlù yẹn parí, ó sì parí sí 2.03, ìyẹn ni pé ó ti padà sínú réńjì. Ká ní 1.97 ló parí sí ni, tí èyí tó tẹ̀lé e náà tún parí lábẹ́ 2.00, mo máa gbà pé ó ti já nìyẹn, mo máa fi sílẹ̀.

Ohun kejì tí mo wò ni ópìn íńtárẹ́sì, ìyẹn iye kọ́ńtíráàtì fíúṣọ̀ tó ṣì wà ní ṣíṣí, ibí yìí gan-an ni mo rò pé ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò. Bí owó ṣe ń já lọ sí 1.94 yẹn, ópìn íńtárẹ́sì náà ń já, èyí fi hàn pé àwọn tó fi lẹ́fárẹ́jì, ìyẹn owó yíyá, rà ni sítọ́pù ń lé jáde àbí tí wọ́n ń likuídétì, ìyẹn ni pé wọ́n ń fipá ti tréèdì wọn pa, èèyàn tuntun kọ́ ló ń wọlé wá ṣọ́ọ̀tì. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gòkè bí owó ṣe ń já, tí owó sì jókòó sábẹ́ 2.00, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó tuntun ló ń tì í wálẹ̀, ìyẹn ò dáa fún ẹni tó fẹ́ rà. Àmọ́ kò fi gbogbo ara dájú o, torí àwọn tó pẹ́ ṣọ́ọ̀tì náà lè dì mọ́ ọn kí wọ́n wá há síbẹ̀, tí rírà tí wọ́n máa rà á padà kí wọ́n lè jáde á sì wá ti owó sókè.

Mi ò sáré rà ní 2.03, mo fi ọ́dà sí 2.02 kó wá bá mi bó ṣe ń padà wá kan 2.00 láti òkè, ó sì wá, fọ́lúùmù títà ò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Sítọ́pù mi wà ní 1.92, lábẹ́ ìrù yẹn, torí tó bá débẹ̀ àlàyé mi ti bàjẹ́. Senti mẹ́wàá ni mo fi wewu lórí kọ́ìnì kan, dọ́là 50 sì ni mo gbà láti pàdánù, torí náà kọ́ìnì 500 ni mo rà. Mo ta ìdajì ní 2.20, àárín réńjì, mo gbé sítọ́pù ìyókù sí 2.02, mo tà á ní 2.36, mi ò dúró de 2.40 torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn to ọ́dà títà sí.

Bí gbogbo ọjà bá ń já ní ṣáàtì ọ̀sẹ̀, tí Bítíkọ́ìnì náà ń já, mi ò ní fọwọ́ kan irú èyí, kódà bí kándùlù ẹ̀ bá parí sínú réńjì. Bí ó bá sì tún ń padà wá kan 2.00 léraléra, tí bó ṣe ń ta sókè sì ń dín kù nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń rà níbẹ̀ ti ń tán nìyẹn.