Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Méjì Nínú Ìwé Sikáànì: Èwo Ni Kí Alábòyún Mú?

Obìnrin tó bá ṣe sikáànì lẹ́ẹ̀mejì nínú oyún kan sábà máa ń bá ọjọ́ ìkúnlẹ̀ méjì nínú ìwé rẹ̀. Ọkọ á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ìyá ọkọ á ní ìyàwó ò mọ oṣù rẹ̀ kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán náà. Ó rí bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ibi tó dúdú kirikiri ni omi, ibi tó funfun ni egungun, ibi tó rí bí eérú ni ẹran ara. Ẹ ó rí àmì + méjì tí ìlà tótòtó so pọ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ló fi wọ́n síbẹ̀ láti fi wọn ọmọ: ó fi ọ̀kan sí orí, èkejì sí ìdí, ẹ̀rọ sì ka iye mìlímítà tó wà láàárín wọn. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń wá. Tí ẹ ò bá rí ojú ọmọ nínú àwòrán, kò sí ohun tó ṣe yín.

Ẹ̀rọ ò mọ ọjọ́ tí oyún dúró o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ pé ọmọ tó bá tó báyìí sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ báyìí. Ọjọ́ orí oyún ni wọ́n ń kọ síwájú EGA, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ síwájú EDD. Tí ẹ bá rí 33w1d, ọ̀sẹ̀ 33 àti ọjọ́ 1 ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà á, ìdí nìyẹn tó fi ń fi bí ọ̀sẹ̀ 2 ju iye tí tọkọtaya fúnra wọn ń kà.

Àgbẹ̀ á tètè mọ ìdí tí ọjọ́ méjèèjì fi yàtọ̀. Bí àgbàdo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀, ẹ lè wò ó kí ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín. Nígbà tó bá fẹ́ yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá ti ga ju ìkejì rẹ̀ lọ, wíwò nìkan ò tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ inú. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gígùn láti orí dé ìdí tí wọ́n ń kọ sí CRL kì í sábà fi ju ọjọ́ 5 sí 7 tàsé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, orí (BPD), ikùn (AC) àti egungun itan (FL) ni wọ́n ń wọ̀n, ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ 3 tàsé síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyàwó àgbẹ̀ kan. Ó rí nǹkan oṣù kẹ́yìn ní 5 Oṣù Kìíní 2025. Sikáànì 24 Oṣù Kẹta bá a ní 11w1d, EDD sì jẹ́ 12 Oṣù Kẹwàá. Ó tún lọ ní 25 Oṣù Kẹjọ. Ó yẹ kó jẹ́ 33w1d, ṣùgbọ́n ìwé kọ 31w0d, EDD sì di 27 Oṣù Kẹwàá.

12 Oṣù Kẹwàá ni kó mú. Bó bá fọkàn sí 27, oyún á ti lé ní ọ̀sẹ̀ 42 lọ́jọ́ náà, ibi ọmọ sì lè ti máa rẹ̀ débi tí oúnjẹ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ ò ní tó mọ́. Ohun kejì ló tún wúwo jù: ọjọ́ tuntun náà lè bo ọmọ tí kò dàgbà tó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kó fi ìwé méjèèjì han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, kó sì béèrè bóyá AC ọmọ kéré sí oyún ọ̀sẹ̀ 33. Wọ́n lè ní kó padà wá ṣe òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, kí wọ́n rí bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí.

Ẹni tí sikáànì àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí oṣù kẹjọ, tí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ sì dá a lójú, máa ń di ọjọ́ tiẹ̀ mú bí ìyàtọ̀ ò bá ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ẹni tí kò rántí ló nílò sikáànì mìíràn.

Bí ọmọ bá dẹ́kun yíyí, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, ohun yòówù tí ìwé sikáànì bá sọ.

Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ fi pamọ́ jù. Bébà àwòrán rẹ̀ máa ń ṣá bí oòrùn tàbí ooru ààrò bá pa á. Ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ fi èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí sínú ọ̀rá pẹ̀lú káàdì aboyún.