Inṣọ́ránsì ti sanwó fún mi, kí ló tún ń lé awakọ̀ tó gbá mi kiri fún?

Ìbéèrè: Mo dúró síbi iná ojú pópó ni awakọ̀ kan wá gbá mi lẹ́yìn. Inṣọ́ránsì mi ti san owó àtúnṣe. Ní báyìí awakọ̀ náà ń pè mí ṣáá, ó ní wọ́n kọ lẹ́tà sí òun pé kí òun wá san án. Ó fẹ́ fún mi lówó díẹ̀ kí n fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ sí i. Ìdí iṣẹ́ inṣọ́ránsì ni mo wà, mo sì ti rí ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó sí gbèsè.

Ọjọ́ tí awakọ̀ yẹn gbá yín ni ẹ̀tọ́ àtigba owó àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀ ti di tiyín. Nígbà tí inṣọ́ránsì sanwó fún yín, ó bọ́ sí ipò yín, ó sì gba ẹ̀tọ́ yẹn lò, dé ìwọ̀n iye tó san. Òun làwọn agbẹjọ́rò ń pè ní sọ́búrógéṣọ̀n. Bí kò bá sí i, ẹ lè gba owó àtúnṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹni tó jẹ̀bi lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ẹ̀yin ń san owó inṣọ́ránsì. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú ẹjọ́ yìí ní 1883. Ọ̀gbẹ́ni Preston ti gbà láti ta ilé rẹ̀, iná jó o kí títà náà tó parí, inṣọ́ránsì sì san 330 pọ́n-ùn fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ra ilé san gbogbo owó tí wọ́n jọ sọ. Ilé-ẹjọ́ ní kí Preston dá 330 náà padà, torí kò pàdánù mọ́.

Ẹ wá wo ìwé tí wọ́n gbé wá. Ojú ewé kan péré ló sábà máa ń jẹ́, gbólóhùn tó léwu sì máa ń wà nísàlẹ̀: “Mi ò ní bèèrè ohunkóhun mọ́ lórí ìjàǹbá yìí.” Ká ní àtúnṣe jẹ́ 1,000, ẹ̀yin dá 100 gẹ́gẹ́ bí àdéhùn yín ṣe sọ, inṣọ́ránsì san 900. Bí ẹ bá gba 150 kí ẹ sì fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn, ẹ̀tọ́ 900 tí kì í ṣe tiyín mọ́ lẹ fi tọrẹ. Inṣọ́ránsì lè yíjú sí yín pé kí ẹ san ohun tí ẹ mú kó pàdánù.

Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ nígbà tí mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ló fẹ́ san, tí inṣọ́ránsì ò sì san ìyẹn, ẹ lè gbà á. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún inṣọ́ránsì yín, kí ìwé náà sì dárúkọ ìyẹn nìkan.

Ìbéèrè: 100 tí mo dá lápò ara mi ńkọ́? Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò tíì lọ. Ẹ kọ̀wé sí inṣọ́ránsì yín pé kí wọ́n bá yín bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú tiwọn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń fi kún un. Bí owó bá wọlé tán pátápátá, kò sí wàhálà. Ibi tó ti ń le ni ìgbà tó bá jẹ́ 600 péré ni wọ́n rí gbà. Láwọn ibì kan, ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ní 100 yín. Níbòmíràn, wọ́n á pín in bí ẹ ṣe jọ dá a: 60 fún yín, 540 fún wọn. Ibòmíràn tún wà tó jẹ́ pé inṣọ́ránsì ló ń gba tirẹ̀ ṣáájú, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ wo ohun tí àdéhùn yín àti òfin ibi tí ẹ wà sọ.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fọwọ́ sí i lánàá kí n tó rí ìdáhùn yín.

Ìdáhùn: Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí inṣọ́ránsì yín lónìí, kí ẹ má sì ná owó yẹn. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ ní awakọ̀ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé lẹ́tà wọn ti tẹ òun lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó ti mọ̀ pé inṣọ́ránsì ti sanwó, pé ó sì ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ òun, kò lè fi ìwé tó gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn dí wọn lọ́nà. Nítorí náà, bó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín nípa lẹ́tà náà, ẹ má pa á rẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti sọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó pè yín sílẹ̀, kí ẹ fi ṣọwọ́ pẹ̀lú ìwé náà.