Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyàwó Tó Já, àti Bí Mo Ṣe Tún Un Sín

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé sí ìsọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ṣí sórí WhatsApp, ti ìyàwó ni: ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹlẹ́sẹ mẹ́ta àti ẹ̀gbà ọwọ́ méjì. Iyùn gidi ti wọ́n jù fún wọn, la bá fẹnu kò sí ayédèrú iyùn mìlímítà 8, kí dígí onígun-onígun máa dá a láàárín. Ibi tí ìyàwó ti ń kúnlẹ̀ kí àwọn àna rẹ̀ ni ẹ̀gbà kan ti já. Wọn ò tíì ṣa ìyẹn tán tí ẹsẹ kan tún fi tú lọ́rùn. Mo dá owó wọn padà, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n ìyàwó pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti okùn tó já."

Okùn gan-an ni mo fẹ́ rí. Ọ̀rá àwọn apẹja ni mo fi sín in, èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.3. Tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ bá já, ẹ wo ojú ibi tó ti já. Tó bá jẹ́ pé ẹrù ló wúwo jù fún un, á ti fà tẹ́ẹ́rẹ́, á sì ká kò. Tó bá jẹ́ pé nǹkan ló gé e, ẹ máa rí ibi tó ti ha, tó sì ti funfun. Ti ọrùn ha, inú dígí ló sì já sí, nítorí ẹnu ihò dígí olówó pọ́ọ́kú máa ń mú. Ẹ fa fọ́nrán òwú kọjá nínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá ń ya òwú, ẹ dá a padà fún ìyá ọlọ́jà.

Ti ẹ̀gbà yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kókó ló ti já. Mo ti fi iná sí kókó náà kó má baà tú, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe. Iná ń dì í lóòótọ́, àmọ́ ó ń sọ ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di gbígbẹ. Ẹ̀gbà náà sì tún há. Ọwọ́ ìyàwó jẹ́ íǹṣì 6½, mo sì sín íǹṣì 7. Ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 8 máa ń jẹ bíi íǹṣì kan nínú àyè tó bá di róbótó, torí náà íǹṣì 6 péré ló kù fún ọwọ́. Bó ṣe tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ láti kúnlẹ̀, kókó gbé gbogbo ẹrù náà. Íǹṣì 8 ló yẹ kí n sín: ìwọ̀n ọwọ́, íǹṣì kan fún ìlẹ̀kẹ̀, ààbọ̀ fún ìrọ̀rùn.

Nígbà tí mo fẹ́ tún un sín, wáyà ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 0.45 ni mo lò, èyí tí wọ́n lọ́ fọ́nrán irin pọ̀ tí wọ́n sì fi ọ̀rá bò. Ẹsẹ mẹ́ta ọrùn jẹ́ íǹṣì 18, 20 àti 22. Tí a bá yọ àyè ìkọ́ kúrò, ó gba ìlẹ̀kẹ̀ bíi 54, 61 àti 67, ìyẹn 182. Okùn kan lọ́jà sábà máa ń ní bíi 50, torí náà okùn mẹ́rin ni mo rà.

Mo gé wáyà kó fi íǹṣì 6 gùn ju ẹsẹ lọ. Kò sí kókó níbẹ̀ rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ irin wínníwínní kan ni mo fi sí ìdí, mo ki wáyà bọ inú òrùka ìkọ́, mo dá a padà sínú irin náà, mo sì fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pa. Ìrù wáyà ní láti gba inú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa gún ọrùn. Ẹ má fà á le: ẹ jẹ́ kí mìlímítà 2 ṣófo. Ìlẹ̀kẹ̀ tó le gbagidi kì í tẹ̀, wáyà rẹ̀ á sì kán létí irin.

Lẹ́yìn náà, mo so ike omi lítà kan mọ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan di àárọ̀, mo sì fi aṣọ funfun tí mo rì sínú omi ọṣẹ nu ìlẹ̀kẹ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Bó bá ṣí sára aṣọ, òógùn ìyàwó á ṣí i sára léèsì.

Ní báyìí, mi ò gba "ọwọ́ mi kò tóbi" lẹ́nu oníbàárà mọ́. Fọ́tò téèpù lára ọwọ́ ni mo ń béèrè. Àwòrán tèmi náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán ni mo ti ń yà á, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí gílóòbù máa ń sọ àwọ̀ iyùn di ti ọsàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ń kọ gígùn, ìwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀, irú okùn, àti pé ayédèrú iyùn ni.