Bí mo ṣe gba ínṣọ́ránsì fún ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe

Golf oní-dísẹ́ẹ̀lì kan ni mo rà ní Croydon, nílùú London níbí. Bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, agbára ẹṣin 150 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Ẹni tó tà á fún mi ti san owó kí wọ́n yí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà padà, ó sì ti tó nǹkan bí 185. Ó tún ti gbé rímù ńlá sí i, ó sì fi sípíríǹgì kúkúrú pààrọ̀ tilé iṣẹ́ kí ọkọ̀ lè wálẹ̀.

Rímù àti sípíríǹgì, ojú lásán tó o. Ètò kọ̀ǹpútà kì í hàn síta. Torí náà, kí n tó sanwó, mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà fún mi ní rìsíìtì ibi tó ti ṣe é. Mo sì mú bọ̀dá kan tó jẹ́ mẹkáníìkì dání. Abẹ́ ọkọ̀ ló gbà lọ tààrà. “Wá wo ibí yìí, àbúrò. Bí wọ́n bá ti yọ asẹ́ tó ń gba èédú inú èéfín, wọ́n á la agolo irin rẹ̀, wọ́n á tún jó o pa dà. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o kì í dán bíi tilé iṣẹ́.” Tiwa ò ní àpá kankan. Ká ní wọ́n ti yọ ọ́ ni, n bá pa dà sílé, torí láti oṣù kejì ọdún 2014 ni ọkọ̀ tí asẹ́ rẹ̀ ti dàwátì kì í yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tibí, mọ́.

Àwọn kan á ní, ṣé èmi ni mo ṣe é ni, tí màá fi máa rojọ́ rẹ̀? Ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe ta ló ṣe é. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá nǹkan kan ti yí padà lára ọkọ̀ náà látìgbà tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́. Òfin ọdún 2012 nípa ínṣọ́ránsì aládàáni nílẹ̀ Bìrìtìkó sọ pé kí oníbàárà fara balẹ̀ dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì sí bí ì bá ṣe mọ̀, òfin ò dá a lẹ́bi. Èmi tí rìsíìtì wà lápò mi ńkọ́?

Mo tẹ ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan láago. Rímù àti sípíríǹgì ò dà wọ́n láàmú. Bí mo bá ti dárúkọ ẹ́ńjìnnì báyìí, ohùn wọn á yí padà. Àwọn méjì ní àwọn ò lè gbà á rárá. Èyí tó gbà á, tó máa ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ní 900 pọ́n-ùn ni ǹ bá san lọ́dún tí ọkọ̀ bá wà bó ṣe jáde, àmọ́ pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe yìí, 1,200 ni.

Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn yẹn dùn mí, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní mo gbé ẹnu dákẹ́, tí mo san 900, tí ọkọ̀ tó tó 8,000 wá bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí wọ́n bá gbà pé àìbìkítà ni, kì í ṣe irọ́ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ pa, òfin gbà wọ́n láyè láti san ìwọ̀n tí owó mi gbé. 900 nínú 1,200 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn 6,000. Ẹgbẹ̀rún méjì ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn méjì tí kò gbà á yẹn ni, wọ́n lè dá owó mi pa dà kí wọ́n má san kọ́bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọn ò ní san nǹkan kan, wọ́n tún lè mú 900 náà lọ. Ẹni tí mo bá gbá lójú títì máa ń rí owó tirẹ̀ gbà lábẹ́ òfin ọkọ̀ ọdún 1988, ṣùgbọ́n wọ́n lè pa dà wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè tó ṣe mí láǹfààní jù ni èyí tí mo bi obìnrin tó gbé fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí wọ́n bá fọ́ rímù yìí, irú èwo lẹ máa rà pa dà?” Ó ní tilé iṣẹ́ ni. Pé wọ́n gba àtúnṣe wọlé kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa sanwó rẹ̀; nínú ìwé náà, iye ọkọ̀ bó ṣe jáde ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní oríṣi kejì tó máa ń dá irú rẹ̀ gan-an pa dà, owó rẹ̀ sì lé díẹ̀. Mo san án torí rímù. Ọ̀wọ́n gógó ni.

Nígbà tí ìwé dé, mo ka ibi tí wọ́n to àtúnṣe sí. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, rímù wà níbẹ̀, sípíríǹgì kò sí. Mo kọ̀wé sí wọn lórí í-meèlì, mo fi fọ́tò mọ́ ọn, wọ́n sì fi ìwé tuntun ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ kún un. Ó wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú rìsíìtì.